Ààlà Wo Ló Ká Alábúrẹ́dì Lọ́wọ́ Kò?

Kò sí oníṣòwò tó ń wá èrè tí kò ní ààlà tó ń pàdé. Ìyẹ̀fun níye, ààrò náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni èyí tó ń dí èrè lọ́wọ́ gan-an nínú wọn. William Karush rí òfin tó ń dáhùn ìbéèrè yìí, ó sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ oyè másítà rẹ̀ ní Yunifásítì Ṣikágò lọ́dún 1939, ṣùgbọ́n wọn ò tẹ̀ ẹ́ jáde. Lọ́dún 1951, Harold Kuhn àti Albert Tucker ti Prínsítọ̀n tẹ òfin kan náà jáde láìmọ̀ pé ẹnì kan ti ṣíwájú wọn. Lónìí, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi alábúrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń fi x àpò ìyẹ̀fun ṣe búrẹ́dì Agége lóòjọ́, ó sì ń fi y àpò ṣe búrẹ́dì alágbọn. Lẹ́yìn tó bá ti yọ gbogbo ìnáwó, èrè rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún náírà nìyí:

12x − x² + 8y − y²

Bí búrẹ́dì bá ṣe ń pọ̀ lọ́jà ni èrè orí àpò ń dín kù. Àpò Agége àkọ́kọ́ mú ₦11,000 wá, èkejì mú ₦9,000, ẹ̀kẹta mú ₦7,000. Ààlà méjì ló wà: àpò 8 péré ló ń rí rà lóòjọ́, ààrò tó fi ń yan Agége kò sì gbà ju àpò 7 lọ.

Ká ní kò sí ààlà kankan ni, àpò 6 ni ì bá fi ṣe Agége, kó fi 4 ṣe alágbọn. Àpò 10 nìyẹn, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun ló ká a lọ́wọ́ kò. Báwo ni kó ṣe wá pín àpò 8? Bí ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i bá ń mérè wá lórí Agége ju ti alágbọn lọ, á fẹ́ gbé ìyẹ̀fun kúrò níhìn-ín lọ sí ọ̀hún. Nítorí náà, èrè àfikún méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba:

12 − 2x = 8 − 2y = λ

Bí x àti y bá jẹ́ 8 lápapọ̀, x á jẹ́ 5, y á jẹ́ 3, λ á sì jẹ́ 2. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Lámídà ni wọ́n ń pe λ yìí: òun ni nọ́ńbà ààlà ìyẹ̀fun. Ó ń sọ pé bí ìyẹ̀fun bá fi díẹ̀ lé sí i, èrè á máa gòkè ní ìwọ̀n ₦2,000 lórí àpò kan. Ààrò ní tirẹ̀ ṣì láyè àpò 2, nítorí náà òdo ni nọ́ńbà tirẹ̀. Òfin nìyẹn: ààlà tí a kò tíì dé, òdo ni nọ́ńbà rẹ̀.

Ká wá sọ pé ẹnì kan ní, “Ààrò yìí gbówó lórí, ẹ kún un.” Ó fi àpò 7 ṣe Agége, ó fi 1 ṣe alágbọn. Ó ti dé ààlà méjèèjì báyìí. Èrè àfikún alágbọn jẹ́ 8 − 2, ìyẹn 6, torí náà nọ́ńbà ìyẹ̀fun di 6. Ti Agége jẹ́ 12 − 14, ìyẹn −2, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àpapọ̀ nọ́ńbà ìyẹ̀fun àti ti ààrò. Nọ́ńbà ààrò wá di −8. Nígbà tí a bá ń wá èrè tó pọ̀ jù lọ lábẹ́ ààlà “kò gbọdọ̀ jù”, nọ́ńbà ààlà kankan kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ òdo. Bó bá wà níbẹ̀, kì í ṣe ààlà náà ló dá wa dúró, àwa la lọ dúró tì í. Ẹ fi ààrò sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé ìyẹ̀fun sí alágbọn, èrè á gòkè. Lóòótọ́, ₦42,000 péré ni èrè ibẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ìdáhùn nìyí: wọ́n á yan àwọn ààlà tí wọ́n rò pé ó ń káni lọ́wọ́ kò, wọ́n á ṣírò, wọ́n á ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lábẹ́ òdo nù, wọ́n á sì mú èyí tí a ti kọjá rẹ̀ wọlé.

Àmì yìí máa ń ṣini lọ́nà. Bí ètò kan bá kọ ìṣirò náà lódì kejì, 2 lè jáde bíi −2. Ọ̀nà láti mọ òtítọ́ ni pé kí a sún ààlà díẹ̀ ká sì tún un ṣírò. Bí ìyẹ̀fun bá di àpò 8.1, èrè á di ₦50,195, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ₦200 lé, gẹ́gẹ́ bí λ ti wí.

Òfin náà ní ibi tó ti ń kùnà. Ká ní à ń wá x tó pọ̀ jù, tí ààlà sì ní x² kò gbọdọ̀ ju òdo lọ. Òdo nìkan ni x lè jẹ́, òun sì ni ìdáhùn, síbẹ̀ kò sí nọ́ńbà ààlà kankan tó lè bá òfin mu níbẹ̀, nítorí níbi tí x ti jẹ́ òdo, ìwọ̀n tí x² fi ń yí padà jẹ́ òdo. Bákan náà, níbi tí èrè bá ní òkè púpọ̀, òfin lè bá òkè kékeré mu. Ti alábúrẹ́dì wa kò rí bẹ́ẹ̀, òkè kan ṣoṣo ló ní.

Kí ẹ tó náwó láti fẹ ààlà kan, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà rẹ̀. Alábúrẹ́dì yìí kò nílò ààrò tuntun. Ìyẹ̀fun ló yẹ kó wá, kò sì gbọdọ̀ san ju ₦2,000 lọ lórí iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀. Bó bá ti dé àpò 10, λ á di òdo, kó má ra ẹ̀kọkànlá.