Búbà Kan, Àwọ̀ Mẹ́ta, Sáìsì Mẹ́rin

Ẹni tó ń ta búbà àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ̀òkúta, kò nílò ìwé láti mọ ohun tó kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti tó o. Tó bá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà tó kọ síbẹ̀ nìkan ni oníbàárà ń rí. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣì, yóò gba owó aṣọ tí kò sí.

Ẹ jẹ́ ká ní búbà náà wà ní aró, pupa àti àwọ̀ ewé, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní M, L, XL àti XXL. Ojú ewé kan ló yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọjà 12 ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Nínú WooCommerce, abẹ́ Variations lẹ ó ti máa ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fọwọ́ sí "Manage stock?", kí ẹ wá kọ iye rẹ̀. Ẹni tó bá kọ 30 fún gbogbo búbà lápapọ̀ ti ṣe é lọ́nà tó léwu: aró L á tán pátápátá, ojú ewé á sì máa tà á lọ nítorí pé pupa ṣì kù.

Sẹ́ẹ̀tì ló máa ń dà á rú jù. Ká ní búbà aró L ku 5, fìlà aró ku 3. Sẹ́ẹ̀tì 3 péré ló lè jáde. Ẹlòmíì á wá kọ 3 síbẹ̀, á sì fi 5 àti 3 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ẹnì kan bá ra búbà 4 lásán, sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù, àmọ́ ojú ewé ṣì ń ṣèlérí mẹ́ta.

Àfikún kan wà tó ń jẹ́ Product Bundles, tó máa ń yọ búbà àti fìlà kúrò nínú iye wọn nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀tì bá tà. Owó ni wọ́n ń fi rà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ rà á, kó di búbà 2 àti fìlà 2 pọ̀ sínú báàgì, kó kọ sẹ́ẹ̀tì 2, kó sì dín ti ẹyọ kù sí búbà 3 àti fìlà 1. Ọ̀nà yìí ni mo fara mọ́ fún ọlọ́jà kékeré: ohun tó wà nínú báàgì kò sí lórí igbá mọ́. Àmọ́ ẹni tó ń tà lórí Wásáàpù pẹ̀lú gbọ́dọ̀ yọ iye rẹ̀ kúrò lójú ewé kó tó di ẹrù.

Ẹ má ṣe fi "sẹ́ẹ̀tì" sáàárín àwọn àwọ̀. Oníbàárà á rò pé àwọ̀ kan ni. Fìlà sì ní sáìsì tirẹ̀: ẹni tó ń wọ búbà XL lè máa dé fìlà íǹṣì 22. Ẹ jẹ́ kó yàn án lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ íǹṣì àyà búbà sí ẹ̀gbẹ́ L àti XL, torí L ti télọ̀ kan kì í ṣe L ti òmíì.