Ọfà Tó Ń Yí Padà Lẹ́yìn Tí Kándù Ti Parí

Ẹ ṣí ṣáàtì wúrà, kí ẹ lẹ ọ̀kan nínú àwọn indikétọ̀ ọlọ́fà tí wọ́n ń tà lórí Tẹ́lígíráàmù mọ́ ọn, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn. Gbogbo ibi tí iye owó ti gbéra sókè ni ẹ ó ti bá ọfà aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo ibi tó ti já wálẹ̀, ọfà pupa ló jókòó sí téńté òkè rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á ti máa ṣírò èrè lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó ti ṣáàtì yẹn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ó rí ohun tí àwòrán ìpolówó kò fi hàn: ọfà tó yọ ní aago mẹ́wàá lè má sí níbẹ̀ mọ́ ní ọ̀sán, òmíràn á sì ti yọ níbi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Àtúnkùn ni à ń pe ìwà yìí. Indikétọ̀ náà padà sẹ́yìn, ó tún ohun tó ti kùn tẹ́lẹ̀ kùn.

Kò yẹ ká fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Kándù oníwákàtí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá kò tíì ní iye ìparí títí aago mọ́kànlá yóò fi lù. Kó tó tó àkókò yẹn, gbogbo indikétọ̀ ló máa ń mì lórí rẹ̀, títí kan àròpín lásán tó kan ń ro iye ìparí kándù mélòó kan pọ̀ tó sì ń pín in. Kò sí ẹ̀tàn nínú ìyẹn. Kándù tó ti parí ni ọ̀rọ̀ tèmi dá lé. Nígbà tí aago mọ́kànlá bá ti lù, iye ìparí yẹn kò tún ní yí padà mọ́. Kí ló wá ń fún indikétọ̀ láyè láti sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán?

Ìdáhùn rẹ̀ kò le: indikétọ̀ náà ń lo kándù tó wà lápá ọ̀tún láti fi ṣírò èyí tó wà lápá òsì. Iye owó tí kò tíì ṣẹlẹ̀ wà lára ohun tí ìṣírò rẹ̀ nílò. Nígbà tí kò bá tíì rí i, á fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ ṣe é. Bí èyí tó kù bá sì ti ń dé, á máa tún ìṣírò náà ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà díẹ̀ wò ó. Ká ní iye ìparí kándù mẹ́fà tó tẹ̀ lé ara wọn ni 96, 100, 104, 108, 101 àti 95. Indikétọ̀ wa ń fa ìlà kan. Ojú ìlà lórí kándù kọ̀ọ̀kan jẹ́ àròpín kándù márùn-ún: kándù náà fúnra rẹ̀, méjì tó ṣáájú rẹ̀ àti méjì tó tẹ̀ lé e. Bí ojú ìlà lórí kándù kan bá ga ju ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé ni yóò kùn, ìyẹn ni pé ká rà. Bó bá relẹ̀ sí i, pupa ni, ká tà.

Nígbà tí kándù kẹrin parí sí 108, kò tíì sí ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ojú ìlà lórí ìkẹta jẹ́ àròpín 96, 100, 104 àti 108, èyí tó jẹ́ 102. Ti ìkẹrin jẹ́ àròpín 100, 104 àti 108, ó sì jẹ́ 104. Ojú ìlà ga sí i, nítorí náà àwọ̀ ewé ló yọ, tíréédà wa sì rà ní 108. Kándù karùn-ún parí sí 101. Ojú ìlà ìkẹta di 101.8, ti ìkẹrin di 103.25. Àwọ̀ ewé ṣì ni, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ìkẹfà wá parí sí 95. Báyìí ni ìkẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí márààrún tó ń wá, 100, 104, 108, 101 àti 95, àròpín wọn sì jẹ́ 101.6. Ti ìkẹta kò kúrò ní 101.8. Ojú ìlà ti wá relẹ̀, kándù kẹrin sì di pupa. Ẹni tó ra ọjà ní 108 ti pàdánù 13, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣáàtì náà rí i kedere pé ní 108 gan-an, ní òkè téńté, indikétọ̀ yìí ní kí wọ́n tà.

Bí ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí rẹferí ti fọn fèrè ìparí ló rí. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ ló ní ète búburú. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí nípa ohun tó ti kọjá lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kándù kan, ìlà rẹ̀ á sì tẹ́jú ju àròpín tó ń wo ẹ̀yìn nìkan lọ. Ìlà tí àwọn tíréédà ń pè ní TMA centered wà nínú ìdílé yìí, àfi pé òun ń fún kándù àárín ní agbára ju tàwọn yòókù lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ìrẹ́jẹ ni ìgbà tí ẹnì kan bá lẹ ọfà mọ́ ọn, tó ya fọ́tò ẹ̀yìn, tó sì pe ọfà yẹn ní àmì tí èèyàn lè fi owó rẹ̀ tẹ̀ lé.

ZigZag náà wọ́pọ̀ gan-an. Ó wà nínú MetaTrader fúnra rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 12, 5 àti 3. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ pé òkè kan ni òkè tòótọ́ títí iye owó yóò fi já wálẹ̀ tó. Bí òkè tuntun bá yọ, á pa ti àtijọ́ rẹ́, á sì fa ẹsẹ̀ ìlà tó gbẹ̀yìn lọ síbẹ̀. Fractal ti Bill Williams yàtọ̀ díẹ̀. Kándù méjì gbọ́dọ̀ parí lápá ọ̀tún kó tó yọ, ṣùgbọ́n lórí kándù àárín ló ń yọ sí. Kì í sábà yí padà mọ́ lẹ́yìn náà, àmọ́ ibi tí àmì náà wà kọ́ ni ibi tí ẹ lè ti rà. Ìpẹ́dé nìyẹn, kì í ṣe àtúnkùn ní kíkún, àpò yín kò sì ní mọ ìyàtọ̀ bí ẹ kò bá fi kándù méjì yẹn kún ìṣírò yín.

Ọ̀nà kẹta farasin jù. Indikétọ̀ tó wà lórí ṣáàtì oníwákàtí lè máa yá nọ́ńbà láti ara kándù ọjọ́ kan. Lórí TradingView, bí ẹni tó kọ ọ́ bá lo `lookahead=barmerge.lookahead_on` láìfi `[1]` sí i, gbogbo wákàtí tó ti kọjá nínú ọjọ́ náà ni yóò ti mọ iye tí ọjọ́ náà máa parí sí, àtàárọ̀. Nígbà tí ọjà bá ń lọ lójú ẹsẹ̀, kò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ń kọ ọ́ báyìí, kó lè jẹ́ ìparí àná ló ń lò:

```
request.security(syminfo.tickerid, "D", close[1], lookahead=barmerge.lookahead_on)
```

Báwo wá ni ẹ ṣe lè dán an wò? Bí ẹ kò bá ní kóòdù indikétọ̀ náà lọ́wọ́, ìwé àti bírò tó. Ẹ yan ṣáàtì oníṣẹ́jú kan kó lè yá. Gbàrà tí kándù tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kí ẹ kọ aago rẹ̀, àwọ̀ tàbí ọfà orí rẹ̀, àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Nínú MetaTrader 5, `Ctrl+D` ló ń ṣí fèrèsé tó ń fi nọ́ńbà yẹn hàn. Ẹ ṣe é fún bí wákàtí kan, kí ẹ kọ àwọn kándù tí kò ní ọfà náà, torí ọfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn jẹ́ ẹ̀rí bíi ti èyí tó parẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ṣáàtì sí oníṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún dá a padà sí oníṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ rí wé ohun tí ẹ kọ. Ẹ má fo ìyípadà yẹn o. Àwọn indikétọ̀ kan wà tí kì í pa ọfà wọn rẹ́ lójú yín. Ìgbà tí a bá ní kí wọ́n tún gbogbo ìṣírò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tó máa ń yíwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó tètè parí lè gbé indikétọ̀ náà sínú Strategy Tester, kó ṣí àwòrán rẹ̀, kó sì máa dá a dúró ní kándù kọ̀ọ̀kan.

Bí ìlànà ìṣírò náà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ lè ṣe é fún yín. Ẹ gé òpin dátà kúrò, ẹ ṣírò, kí ẹ sì wò ó bóyá nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn bá èyí tí gbogbo dátà fún yín mu. Àpẹẹrẹ wa òkè yìí nìyí ní Python:

```python
import pandas as pd
p = pd.Series([96, 100, 104, 108, 101, 95])
f = lambda s: s.rolling(5, center=True, min_periods=1).mean()
gbogbo = f(p)
for n in range(3, len(p) + 1):
    nigbana = f(p[:n]).iloc[-1]
    nisisiyi = gbogbo.iloc[n-1]
    print(n, p.iloc[n-1], round(nigbana, 2), round(nisisiyi, 2))
```

Ní kándù kẹrin, ẹ ó rí 104.0 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 101.6. Ẹ yọ `center=True` kúrò, kí ẹ tún un ṣe: nọ́ńbà méjèèjì á bára mu láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí àròpín tó ń wo ẹ̀yìn nìkan kò ní ohun tí yóò tún kùn. Kándù tó gbẹ̀yìn máa ń bára mu nígbà gbogbo, kò sì jẹ́rìí ohunkóhun.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ wà. Òpin dátà nìkan ni kí ẹ gé, ẹ má fọwọ́ kan ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. EMA àti àwọn bíi tirẹ̀ ń rántí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tí ìbẹ̀rẹ̀ bá sì yàtọ̀, nọ́ńbà wọn á yàtọ̀ díẹ̀ láìsí pé wọ́n tún ohunkóhun kùn. Búrọ́kà méjì náà lè fún yín ní iye ìparí ọ̀tọ̀ fún wákàtí kan náà, nítorí náà ṣáàtì kan náà ni kí ẹ fi wé ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ indikétọ̀ ọlọ́fà ni, Python máa ń fi `NaN` sí ibi tí kò sí ọfà, bí ẹ bá sì fi `NaN` wé nọ́ńbà pẹ̀lú àmì `>`, kò ní sọ pé ìyàtọ̀ wà. Ẹ fi 0 rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí indikétọ̀ bá sì ń yá nọ́ńbà lára kándù ọjọ́ kan, ẹ gé dátà oníwákàtí kí ẹ tó fi í kọ́ kándù ọjọ́. Tí ẹ bá kọ́ ti ọjọ́ látinú gbogbo fáìlì, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gé ti wákàtí, ìparí ọjọ́ yẹn ti wà nínú ìṣírò yín kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà á bára mu, ìdánwò náà á sì dá ẹlẹ́ṣẹ̀ láre.