Ibi tí Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Sífíìkì Máa Ń Fò Dá

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ọjọ́ sífíìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ì báà jẹ́ ní Ìpakodò, ì báà jẹ́ ní Ẹ̀pẹ́. Àlejò pàtàkì á gba makirofóònù, á ní ẹ̀ka mẹ́ta ni ìjọba ní: aṣòfin ń ṣe òfin, aláṣẹ ń mú un ṣẹ, adájọ́ ń túmọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ iṣẹ́ ẹnìkejì. Á fa Ọ̀yọ́ Mèsì yọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn baba wa náà kò gbẹ́yìn. Kì í sábà dé orí Baṣọ̀run Gáà, ẹni tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ kan náà, tó sì sọ àwọn ọba di ẹni tí à ń yàn lónìí, tí à ń pa lọ́la, títí Aláàfin Abíọ́dún fi bì í ṣubú ní 1774. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á pín mítípáì, ó parí.

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìjà kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí àwọn ẹ̀ka náà bá wọ̀yá ìjà ni èèyàn tó mọ ibi tí agbára oníkálukú pin sí. Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ kò jìnnà sí àwọn ọmọ náà. Ẹni tó bá gbéra láti Ìpakodò, tó fi kẹ̀kẹ́ àti dánfó yí agbègbè Ìkòròdú ká, á rí pátákó ìjọba mẹ́fà: Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Àríwá Ìkòròdú, Ìwọ̀-oòrùn Ìkòròdú, Igbógbó-Báyékù, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ̀tà. Oníkálukú ló ní alága àti kánsílọ̀ tirẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọmọ Ìmọ̀tà bá ń kún fọ́ọ̀mù JAMB, kò ní bá Ìmọ̀tà nínú orúkọ tí wọ́n tò síbẹ̀. Ìkòròdú ló máa mú. Ọmọ Erédò àti ọmọ Ìkòsì-Ẹjìnrìn náà, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa mú. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ló dá àwọn ìyókù sílẹ̀, ìwé òfin Nàìjíríà kò mọ̀ wọ́n rí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní 2002, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ṣe òfin tó sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 di 57. Abala kẹjọ ìwé òfin 1999 gbà wọ́n láyè, ó kàn to àtẹ̀gùn púpọ̀ síbẹ̀ ni: àwọn aṣojú agbègbè náà ní láti béèrè, àwọn ará ìlú ní láti dìbò pé àwọn fẹ́ ẹ, àwọn káńsù ní láti fọwọ́ sí i, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà sì ní láti fọwọ́ sí i. Èkó ní àwọn ti gun gbogbo rẹ̀. Àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn wà ní Àbújá: Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ló máa ṣe òfin tí yóò fi orúkọ tuntun kún èyí tó wà nínú ìwé òfin. Ibẹ̀ ló há sí. Èkó kò dúró dè wọ́n. Ní oṣù kẹta 2004, wọ́n dìbò yan alága sí gbogbo 57. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó pé kí wọ́n má san owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mọ́.

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìwà ìkà lásán ni ààrẹ hù. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ohun tó rí ni pé owó tí ìwé òfin pín fún 20 ni wọ́n fẹ́ fi bọ́ 57, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ẹni tó yẹ kó ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Abala 162 sọ bí owó àpapọ̀ ṣe máa kúrò ní Àbújá dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ nítorí àwọn ìjọba ìbílẹ̀, kò sì síbi tó ti ní kí ààrẹ fi ọwọ́ bo àpò nígbà tí inú bá bí i. Bó bá rò pé Èkó rú òfin, ilé ẹjọ́ ló yẹ kó gbé e lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ṣe olùpẹ̀jọ́, ó ṣe adájọ́, ó tún ṣe ọlọ́pàá.

Èkó ló wá gbé e lọ sílé ẹjọ́. Nítorí pé ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ ló ń jà, ẹjọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ló gbọ́ ọ tààrà, bí abala 232 ṣe wí. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ Èkó nígbà náà, Muhammadu Uwais sì ni Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2004, ilé ẹjọ́ náà dá ẹjọ́ olójú méjì. Wọ́n ní ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó náà dúró. Wọ́n tún ní òfin tí Èkó ṣe kò tíì pé: ó tọ̀nà dé ibi tí agbára Èkó dé, ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí Àbújá á fi ṣe tirẹ̀. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n san, ti 20 ni.

Nínú ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀, ohun tó tẹ̀ lé ìdájọ́ yìí ló dùn mọ́ mi jù, òun gan-an sì ni àlejò pàtàkì kì í dé. Oníkálukú mú ojú tó wù ú. Èkó ní àwọn jàre, kí owó máa bọ̀. Ààrẹ ní ìgbà tí Èkó bá padà sí 20 ni òun á tú u sílẹ̀. Èkó tún òfin rẹ̀ ṣe: wọ́n dá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ padà fún 20, wọ́n sì pe 37 yòókù ní agbègbè ìdàgbàsókè, èyí tí gbogbo wa ń pè ní LCDA. Agbègbè kan náà, pátákó mìíràn. Àwọn amòfin kan ní ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Àwọn mìíràn ní wọ́n kàn fi orúkọ tuntun sá fún ìdájọ́ ni. Mo gbà pẹ̀lú àwọn ti àkọ́kọ́ díẹ̀, nítorí ilé ẹjọ́ kò ní kí wọ́n wó ilé káńsù kankan. Àmọ́ mi ò lè sọ pé ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Owó náà kò wọlé tán. Ọmọ tó bá gbọ́n á béèrè pé kí ló dé tí ilé ẹjọ́ kò fi ipá mú ààrẹ. Abala 287 pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó wà nípò àṣẹ mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ náà ṣẹ, ṣùgbọ́n adájọ́ kò ní ṣọ́jà. Ọ̀gá ọlọ́pàá, ààrẹ ló ń yàn án. Abala 308 kò jẹ́ kí wọ́n fi ọlọ́pàá mú ààrẹ nígbà tó bá wà lórí oyè. Ó wá ku àwọn aṣòfin àpapọ̀, tí wọ́n lágbára láti yọ ààrẹ nípò, tí wọ́n sì lè fi òfin kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀ náà nípa fífi orúkọ 37 kún ìwé òfin. Ẹgbẹ́ PDP tí ààrẹ ń ṣe ló pọ̀ jù nínú ilé méjèèjì, wọn kò ṣe èyí, wọn kò ṣe ọ̀hún. Lórí pátákó ìkọ̀wé, ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n. Ní Àbújá 2005, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló so méjì pọ̀.

Ní 2007, Ọbásanjọ́ parí sáà rẹ̀, Umaru Yar'Adua gorí oyè, ó sì ní kí wọ́n san owó tó ṣẹ́ kù fún Èkó. PDP lòun náà, ìdájọ́ 2004 kan náà ló wà nílẹ̀, kò sì sí lẹ́tà kan nínú abala 162 tó yí padà.