Mo dán áàpù mẹ́sàn-án wò kí n tó kọ tèmi

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kù díẹ̀ kí n fi ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣòfò. Mo fẹ́ kọ áàpù atúmọ̀ èdè Yorùbá. Mo ti ya bí ojú ẹ̀ ṣe máa rí, mo ti ra dátà sílẹ̀. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ló bi mí pé, "Ṣé kò sí irú ẹ̀ nílẹ̀ ni?" Mo wo Play Store. Wọ́n pọ̀ bí eṣú!

Mo mú mẹ́sàn-án nínú wọn. Mi ò ka iye bọ́tìnnì tí wọ́n ní. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo kọ sórí ìwé: ẹnì kan rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Mo wá ń wá ibi tí iṣẹ́ yẹn ti ń há.

Ohun táwọn tó ń lò ó kọ sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kà. Iye ìgbà tí wọ́n ti dáńlóòdù áàpù kì í sọ bóyá àwọn èèyàn ṣì ń lò ó, torí ẹni tó ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù wà nínú ìṣirò náà. Nínú àwọn tí mo kà, olówó ìràwọ̀ márùn-ún sábà máa ń kọ "ó dára" lásán. Ẹni tó fún un ní ẹyọ kan sábà máa ń bínú sí ìpolówó. Àwọn tó fún un ní méjì tàbí mẹ́ta ló wúlò jù, torí wọ́n ń lò ó, wọ́n sì mọ ohun tó kù. Gbólóhùn kan ń padà wá lọ́dọ̀ wọn: "Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá ò sí níbẹ̀."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ inú wọn ló kéré. Mo wá fi ọ̀rọ̀ kan náà dán gbogbo wọn wò. Mo tẹ "oko". Márùn-ún mú oko tí a ń ro nìkan wá. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ọdẹ, kò sí ìkankan, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà nínú áàpù náà. Mo wá da "ọkọ̀" kọ láti ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Mẹ́ta ní àwọn ò rí i rárá.

Ohun tó fà á nìyí. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀ nínú Yúníkóòdù. Ẹnì kan lè kọ ọ́ bí ọ (U+1ECD) pẹ̀lú àmì ohùn (U+0300). Ẹlòmíì lè bẹ̀rẹ̀ láti orí o lásán, kó fi àmì abẹ́ (U+0323) sí i, kó tó fi àmì ohùn. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò jọra. Ìlà díẹ̀ ló ń tún un ṣe:

```python
import unicodedata as u
def koko(oro):
    d = u.normalize("NFD", oro.lower())
    return "".join(c for c in d if not u.combining(c))
```

Ó ń tú lẹ́tà sí wẹ́wẹ́, ó sì ń kó gbogbo àmì dànù, kí gbogbo ẹbí "oko" lè jáde pa pọ̀. Èyí tó bá bá ohun tá a tẹ̀ mu gẹ́lẹ́ ló yẹ kó wà lókè.

Inú mi dùn, mo ti rí àlàfo! Àmọ́ mo bi ara mi pé: tí àwọn tó wà nílẹ̀ bá rí i, ọjọ́ mélòó ló máa gbà wọ́n láti dí i? Ọ̀sán kan. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ni ọ̀kan nínú wọn, mo fi kóòdù yẹn ránṣẹ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti tún un ṣe. Ká ní orí ìyẹn ni mo kọ́lé lé, ilé ti wó nìyẹn.

Mo wá gbé áàpù tí wọ́n tún ṣe yẹn fún ọ̀rẹ́ márùn-ún, mo ní kí wọ́n wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn tí kò ní àmì. Mi ò sọ̀rọ̀, mò ń wò wọ́n. Mẹ́rin ò fi àmì kankan sí i. Gbogbo ẹbí "oko" jáde, ni wọ́n bá dúró. Wọn ò mọ èyí tí wọ́n máa mú. Mẹ́ta jáde kúrò nínú áàpù, wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ìyá wọn lórí Wáásáàpù.

Ibẹ̀ gan-an ni àlàfo wà. Tí kò bá sẹ́ni tó ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ibì kan kọjá, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó nílò ẹ̀ ni ibẹ̀ fi ṣófo. Àwọn yìí ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ohun tí ìyá wọn fún wọn ni gbólóhùn àpẹẹrẹ: "Ọkọ̀ ti gbéra, ọkọ mi ò tíì dé." Kò sí ìkankan nínú áàpù mẹ́sàn-án yẹn tó ní gbólóhùn fún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, kóòdù ò sì lè kọ ọ́ ní ọ̀sán kan.

Nítorí náà, mi ò kọ áàpù kẹwàá. Gbólóhùn ni mò ń kọ báyìí, láti orí àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra jù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí "oko".