Ìdí Tí Áyọ́ọ̀nù Kì Í Fi Í Gbóná Bí Iná Bá Wálẹ̀

Ìbéèrè kékeré ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní náà bi olùkọ́ rẹ̀. Nínú ilé tó gbà lẹ́yìn ọgbà fásitì, iná a máa wálẹ̀ lálẹ́, àwọn ará ilé a sì máa pariwo pé hááfù kọ́rẹ́ńtì ni wọ́n mú wá. Bí ó bá ki áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kì í gbóná débi tí aṣọ yóò fi tẹ́. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ni pé, bí iná bá di ìdajì, kí ló dé tí ooru kì í jẹ́ ìdajì, tó fi máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Olùkọ́ náà, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, jókòó ó sì kọ lẹ́tà. “Ọmọ mi,” ló fi bẹ̀rẹ̀, “gbàgbé wáyà ná. Gbójú sókè kí o wo táńkì omi tó wà lẹ́yìn ilé yín.”

Bí táńkì bá ṣe ga tó ni omi inú rẹ̀ ṣe máa ń ti ara rẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ tó. Ìfúnpá yìí ni fóótéèjì jọ, fóòtì la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Olùkọ́ náà kìlọ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé fóótéèjì wà lójú kan ṣoṣo. Bí èèyàn kò ṣe lè sọ pé táńkì ga láìsọ ibi tó ti ń wọ gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fóótéèjì ṣe jẹ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi méjì. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ní Nàìjíríà, ó yẹ kí nǹkan bíi 230 fóòtì wà láàárín wáyà tó ń gbé iná wọlé àti èyí tó ń gbé e padà.

Kọ́rẹ́ńtì ni ìṣàn fúnra rẹ̀. Lítà mélòó ló ń kọjá nínú páìpù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan? Ohun tí áńpù ń sọ nípa iná nìyẹn. Páìpù tóóró tó sì gùn a máa dí omi lọ́wọ́; wáyà tín-ín-rín tó gùn a máa dí iná lọ́wọ́ bákan náà, óòmù la sì fi ń wọn ìdènà yẹn.

Bí gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé bá wà ní títì, páìpù kún, ìfúnpá sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò lọ síbì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a kò ki nǹkan kan bọ̀ ṣe rí: 230 fóòtì wà níbẹ̀, kọ́rẹ́ńtì kò sí. Ìdí nìyẹn tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ fi lè pa ọmọdé tó ki irin bọ inú rẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà náà dé orí agbára, ìṣirò gidi ló gbé kalẹ̀. Omi lítà kan tó ń já bọ́ láti ibi tó ga ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń mú agbára tó tó nǹkan bíi 98 wáàtì wá. Bí a bá sọ gíga yẹn di mítà 5, tí omi sì di lítà méjì, 98 wáàtì náà ni yóò jẹ́. Gíga nìkan kò tó, ìṣàn nìkan kò tó. Ẹ̀kínní la fi ń sọ èkejì di púpọ̀. Iná kò yàtọ̀: fóòtì lọ́nà áńpù ni wáàtì.

Ìdáhùn ìbéèrè ọmọ náà ti wà nínú èyí. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ 1000 wáàtì sí lára fún 230 fóòtì ní ìdènà tó tó nǹkan bí óòmù 53. Bí iná bá pé, a pín 230 sí 53, ó di nǹkan bíi 4.3 áńpù. Bí iná bá wálẹ̀ di 115 fóòtì, ìdènà inú áyọ́ọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà kọ́rẹ́ńtì náà yóò di ìdajì, ìyẹn nǹkan bíi 2.17 áńpù. Ẹ wá fi 115 sọ 2.17 di púpọ̀: 250 wáàtì péré. Ìfúnpá ló kọ́kọ́ dínkù, ó sì fa ìṣàn sílẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìdajì nínú ìdajì ló kù, ìdá kan nínú mẹ́rin.

Níbo wá ni fóótéèjì tó kù lọ? Ẹni tó ti ń wẹ̀ rí nígbà tí àwọn ará ilé ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi yòókù mọ̀ ọ́n. Páìpù kan náà ló ń gbé omi fún gbogbo wọn; bí omi tó ń sáré nínú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni páìpù ṣe ń jẹ nínú ìfúnpá tó, ẹni tó wà lópin ló sì máa ń jìyà jù. Wáyà àdúgbò láti ara tiransífọ́mà ń ṣe bákan náà. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí olúkúlùkù ń lo iná, fóótéèjì a lọ sílẹ̀; nígbà tí àdúgbò bá sùn, a padà gòkè.

Olùkọ́ náà wá fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí mo rò pé gbogbo ilé ló yẹ kó mọ̀. Kí ó yá mítà tí àwọn oníná fi ń wọn fóòtì. Kí ó kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé, kí ó wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti rí i pé iná wálẹ̀ láìsí ohun tó ń lò ó nínú ilé, ìta ni ìṣòro wà. Bí ó bá pé, tó wá já wálẹ̀ gan-an nígbà tí áyọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú ilé tàbí lórí wáyà tó gbé iná wọ ilé ni ìdènà wà: bóyá wáyà tó tín-ín-rín jù, tàbí oríkèé wáyà tí kò dè dáadáa. Irú oríkèé bẹ́ẹ̀ a máa gbóná, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a máa dúdú, òórùn ike tó ń jó a sì máa jáde. Wíwọ̀n sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán kò lè fi í hàn, nítorí páìpù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pàápàá ní ìfúnpá pípé bí ẹ̀rọ omi bá wà ní títì.

Ó ní ibi tí omi kò ti lè ṣàpèjúwe iná mọ́. Bí a bá gé páìpù, omi yóò dà sílẹ̀. Bí a bá gé wáyà, iná kì í dà sílẹ̀. Ìṣàn ló ń dúró, nítorí iná gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbọ̀ kí ó tó lè lọ.

Fíríìjì náà kì í ṣe bíi ti áyọ́ọ̀nù. Bí fóótéèjì bá dínkù, áyọ́ọ̀nù á gba ìwọ̀nba kọ́rẹ́ńtì tó bá rí, á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rọ tó ń yí nínú fíríìjì kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹrù tó ń tì kò dínkù, nítorí náà kọ́rẹ́ńtì tó pọ̀ sí i ló máa ń fà láti fi dípò fóótéèjì tó sọnù. Bí kò bá tilẹ̀ lè yí rárá, kọ́rẹ́ńtì náà a di ìlọ́po mélòó kan, wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ a gbóná títí ohun tí wọ́n fi bò ó yóò fi jó. A máa kùn, kò sì ní bẹ̀rẹ̀. “Ìgbà tí o bá gbọ́ ìkùn yẹn,” ni olùkọ́ náà kọ, “yọ ọ́ kúrò lára iná. Bí iná bá sì ti pé padà, mú sùúrù fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó ki í bọ̀ ọ́, kí gáàsì tó há nínú rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí ẹ̀rọ náà lè rí i tì.”