Níbo Ni Ìyókù Wọlẹ̀ Sí?

Ká ní ètò kọ̀ǹpútà kan ń ka iye èèyàn tó wo fídíò kan. Ojú kan ṣoṣo ni iye náà wà, òdo ló sì ti bẹ̀rẹ̀. A wá yan tírẹ́ẹ̀dì méjì, ìyẹn òṣìṣẹ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kan, pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ení kún un ní ìgbà 100,000. Ó yẹ kí àròpọ̀ jẹ́ 200,000. Àmọ́ ohun tí a sábà máa ń bá kì í tó bẹ́ẹ̀, bí a bá sì tún un ṣe, iye mìíràn ni a óò bá.

Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà ò mọ ìṣirò. Inú ìlà yìí, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní èdè Java, ni ọ̀rọ̀ wà:

```java
iye++;
```

Lójú ẹni tó kọ ọ́, iṣẹ́ kan ni. Lójú ẹ̀rọ, mẹ́ta ni: kó ka iye tó wà nílẹ̀, kó fi ení kún un, kó sì kọ ọ́ padà. Ká ní 41 ló wà nílẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ ka 41. Kó tó kọ nǹkan kan padà, èkejì náà ti ka 41. Àkọ́kọ́ kọ 42. Èkejì, tí kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, tún kọ 42 lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi kún un, ẹyọ kan ló wọlé.

Ó tún lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọ́kọ́ ka òdo, ó dúró. Èkejì ṣe 99,999 nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Àkọ́kọ́ wá jí, ó kọ 1, gbogbo làálàá èkejì sì pa rẹ́. Èkejì ka 1 yìí fún ìgbà ìkẹyìn, òun náà dúró. Àkọ́kọ́ parí gbogbo èyí tó kù sí i lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni èkejì kọ 2. Ohun tó yẹ kó jẹ́ 200,000 di 2! Kò wọ́pọ̀ o, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kó má ṣẹlẹ̀.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni pé bí iṣẹ́ bá kéré, bíi ìgbà 100, àkọ́kọ́ lè ti parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Àròpọ̀ á pé, a ó sì rò pé kò séwu.

Àgádágodo ló ń tún un ṣe:

```java
synchronized (agadagodo) {
    iye++;
}
```

Tírẹ́ẹ̀dì tó bá kọ́kọ́ dé á tì í, á kà, á fi ení kún un, á kọ ọ́ padà, kó tó ṣí i. Èyí tó bá dé lẹ́yìn á dúró. Ìgbà tó bá wọlé, 42 ló máa bá, kì í ṣe 41. Èyí tó wù kó ṣáájú nínú wọn, 43 ni wọ́n máa bá parí. Àmọ́ àgádágodo kan náà ni kí àwọn méjèèjì máa lò. Bí ọ̀kan bá ń kọ iye láì gbà á, asán ni.

Ìdúró yìí ń jẹ àkókò ṣá. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń jẹ́ kí tírẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ka tirẹ̀ sọ́tọ̀, kó wá gba àgádágodo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbẹ̀yìn, láti da 100,000 rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti gbogbogbò.