Nọ́ńbà Tí Wọ́n Yí Padà Lẹ́nu

Ní apá kìíní ìdánwò ìgbọ́rọ̀ IELTS, ẹni méjì ló sábà máa ń sọ̀rọ̀: ọ̀kan fẹ́ gba yàrá, èkejì ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́ ọ. Ká ní oníbàárà sọ pé, “Ó parí sí 4, 8, dọ́bù 3. Rárá, ẹ má bínú, dọ́bù 2 ni.” Ìdáhùn ni 4822. Ẹni tó kọ 4833 tó sì ti sáré lọ síbi ìbéèrè tó kàn ti pàdánù máàkì nìyẹn.

Ti orúkọ tilẹ̀ tún le fún àwa Yorùbá. Bí wọ́n bá pe “íì”, E ni wọ́n ń wí, kì í ṣe I. “Áì” ni I tiwọn. Ẹ fi orúkọ ara yín dánra wò lálaalẹ́.